Eré páálí ìṣáná: eré tó ń san ẹ̀san fún ọmọ tí ekuasíọ̀n ń dà láàmú

Ọmọ kan wà ní kíláàsì katiriyẹ́ẹ̀mù. Ó mọ tábìlì ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ láti orí 2 dé orí 12, owó ọjà kì í ṣì í lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ 3x = 12 sílẹ̀ fún un, yóò kọ x = 9. Bí ẹ bá bi í léèrè ibi tó ti rí 9, yóò ní wọ́n ti kọ́ àwọn ní kíláàsì pé ohun tó bá sọdá àmì ọgbọọgba gbọ́dọ̀ yí àmì rẹ̀ padà. 3 sọdá, ó di −3, 12 − 3 sì jẹ́ 9. Òfin tí wọ́n kọ́ ọ gan-an ló lò. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tí òfin náà fi wà, nítorí náà kò mọ ibi tí kò ti ṣiṣẹ́.

Irú ọmọ báyìí ni àwọn òbí máa ń tìtorí rẹ̀ bi wá pé eré wo ni kí àwọn fi sínú pọ̀ritábù rẹ̀, kó lè máa fi ṣe ìdánrawò kí ìdánwò bẹpẹsé tó dé. Kí a tó dárúkọ eré kankan, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi eré náà: kí ni ó ń sanwó fún? Gbogbo eré ló ní ẹ̀san, ìràwọ̀ ni o, owó wúrà ni o, idà tuntun ni o. Ọmọ á máa ṣe ohun tí eré bá ń san ẹ̀san fún, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ eré ìṣirò tó wà lórí pọ̀ritábù ló dà bí ibodè. Ọmọ ń sáré, ó ń bá ẹranko jà, lójijì ìbéèrè yọ. Bó bá dáhùn dáadáa, ibodè ṣí, ó ń bá eré rẹ̀ lọ. Èyí dára fún ọmọ tó ti mọ nǹkan náà tí ó kàn nílò kí ọwọ́ rẹ̀ yá sí i. Fún ọmọ tó ń kọ x = 9, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, torí ibodè kò sọ ìdí tó fi kọ̀ fún un. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá wà níwájú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọ̀nà á fi ṣí. Ẹ wo ìka ọmọ náà: bí ó bá ń tẹ ìdáhùn kí ojú rẹ̀ tó ka ìlà náà tán, bíìkì àti ìwé kò sì sí nítòsí rẹ̀, kì í ṣe ekuasíọ̀n ló ń ṣe, ibodè ló ń ṣí.

Irú eré kejì kò wọ́pọ̀. Nínú tirẹ̀, ìṣirò kì í ṣe ibodè, òun gan-an ni eré. Èyí tó lókìkí jù ni DragonBox, tí ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè gbé jáde ní ọdún 2012. Ojú eré náà pín sí apá méjì. Káàdì tó ní àwòrán ẹranko wà ní apá kọ̀ọ̀kan, àpótí kan sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ ọmọ ni pé kí ó mú kí àpótí náà ku òun nìkan ní apá tirẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìkejì rẹ̀ tó dúdú bí òru: bí ọmọ bá gbé ọ̀kan lé èkejì, àwọn méjèèjì á di òfo. Bó bá sì fi káàdì tuntun kún apá kan, ó di dandan kó fi irú rẹ̀ kún apá kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwòrán ẹranko ń di nọ́ńbà àti lẹ́tà, àpótí náà sì ń di x. Kí ọmọ tó fura, ekuasíọ̀n ló ti ń yanjú. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni ẹ̀san ìpele kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún àpótí tó dá wà, ọ̀kan fún ìgbésẹ̀ tí kò pọ̀ jù, ọ̀kan fún pé kò fi káàdì tí kò wúlò sílẹ̀.

Eré tó ní làákàyè ni, a kò ní sọ pé kí òbí tó lè rà á má rà á. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí méjì, Long àti Aleven, gbé e wò ní kíláàsì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ kan ṣe DragonBox, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà bó ṣe ń yanjú ekuasíọ̀n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe DragonBox gbádùn ara wọn jù, wọ́n sì yanjú ìbéèrè tó pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n wá fún gbogbo wọn ní ìdánwò ekuasíọ̀n gidi, àwọn tó lo ètò kejì ló ṣe dáadáa jù.

Lójú tiwa, a rí ìdí kan tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọmọ bá fi káàdì kún apá òsì nínú DragonBox, eré náà kì í jẹ́ kó ṣe nǹkan mìíràn títí yóò fi fi irú rẹ̀ kún apá ọ̀tún. Eré náà ló ń rántí, kì í ṣe ọmọ náà. Lórí kàyé, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Bó bá yọ 2 kúrò ní òsì tó sì gbàgbé ọ̀tún, kàyé á kàn máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ tó ń tiraka ń gbàgbé jù nìyẹn. Eré tí a ń wá, nígbà náà, ni èyí tí yóò jẹ́ kí ọmọ lè gbàgbé, tí yóò sì san ẹ̀san fún un nígbà tí kò bá gbàgbé.

Eré tí a ń fi han àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ìṣirò kò ná wọn ní ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ wá páálí ìṣáná òfìfo mẹ́fà sí mẹ́jọ, irú kan náà, pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀kún ọwọ́ ẹ̀wà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí àárín tábìlì tàbí sí ilẹ̀: ìlà yìí ni àmì ọgbọọgba. Páálí kọ̀ọ̀kan ni x. Ẹyọ àgbàdo kan jẹ́ 1. Ẹyọ ẹ̀wà kan jẹ́ −1, torí náà bí àgbàdo kan àti ẹ̀wà kan bá pàdé ní apá kan náà, wọ́n pa ara wọn rẹ́, a ó kó àwọn méjèèjì kúrò. Ènìyàn méjì ló ń ta á: ẹnì kan ń dè é, ẹnì kejì ń tú u. Lẹ́yìn náà wọn á yí ipò padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdíje kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n ló ń dè é, àbúrò ni yóò tú u. Níkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n pinnu pé x yóò jẹ́ 4, ó sì fi ẹyọ àgbàdo mẹ́rin sínú páálí mẹ́rin, ó pa wọ́n dé. Ó gbé páálí mẹ́ta àti àgbàdo méjì sí òsì. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú: ìlọ́po mẹ́ta 4 jẹ́ 12, pẹ̀lú 2 ó di 14. Ọ̀tún náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 14. Ó gbé páálí kan síbẹ̀, ó ku 10, ó ka àgbàdo mẹ́wàá lé e. Àbúrò wo ohun tó wà nílẹ̀, ó kọ ọ́ sínú kàyé rẹ̀:

3x + 2 = x + 10

Àbúrò kó àgbàdo méjì kúrò ní òsì, ó kó méjì kúrò ní ọ̀tún, ó kọ ìlà tuntun: 3x = x + 8. Ó gbé páálí kan kúrò ní apá méjèèjì láì ṣí i, ó kọ 2x = 8. Páálí méjì ló kù ní òsì, àgbàdo mẹ́jọ ní ọ̀tún. Ó pín àgbàdo náà sí ọ̀nà méjì, ó kọ x = 4. Kò tíì gbọdọ̀ ṣí páálí. Ó ní láti padà sí ìlà àkọ́kọ́, kó fi 4 sí ipò x ní apá méjèèjì: 12 + 2 jẹ́ 14, 4 + 10 náà jẹ́ 14. Ìgbà yìí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páálí. Ẹyọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. A ti rí i pé ìṣẹ́jú tí páálí ń ṣí yìí dùn mọ́ ọmọ ju ìràwọ̀ orí ojú pọ̀ritábù lọ, torí kì í ṣe olùkọ́ ló sọ fún un pé ó gbà á.

Ká ní àbúrò gbàgbé láti kó méjì kúrò ní ọ̀tún ńkọ́? Yóò ní 3x = x + 10, lẹ́yìn náà 2x = 10, x = 5. Nígbà tó bá fi 5 sí ìlà àkọ́kọ́, òsì á jẹ́ 17, ọ̀tún á jẹ́ 15. Ó ti mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ kí páálí tó ṣí, ó sì lè padà sẹ́yìn wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ti rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé “Àbúrò, apá kejì ńkọ́?”, kó sì gba pọ́ìntì.

Bí a ṣe ń ka pọ́ìntì ni gbogbo agbára eré yìí. Ìgbésẹ̀ kan tí ọmọ ṣe ní apá méjèèjì, tó sì kọ ìlà rẹ̀ sílẹ̀, jẹ́ pọ́ìntì kan. Bí ìgbésẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tí a fi lé ẹ̀wà lọ, pọ́ìntì méjì ni. Kí ọmọ dán ìdáhùn rẹ̀ wò ní ìlà àkọ́kọ́ kí páálí tó ṣí jẹ́ pọ́ìntì mẹ́ta. Ẹni tó bá mú ẹnì kejì níbi tó ti gbàgbé apá kan gba méjì. Ìdáhùn tí kò ní ìlà lábẹ́ kò gba nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Yíyára náà kò gba nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 20 ló borí. Nínú ìdíje òkè yìí, ìgbésẹ̀ mẹ́ta àti ìdánwò ìdáhùn fún àbúrò ní pọ́ìntì mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ sì ti inú ìdánwò náà wá.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé a kò pín pọ́ìntì náà dọ́gba. A rí irú ètò yìí nínú Mathador, eré nọ́ńbà tí olùkọ́ ìṣirò ará Faransé kan, Éric Trouillot, dá sílẹ̀. Níbẹ̀, àròpọ̀ jẹ́ pọ́ìntì 1, ìsọdipúpọ̀ 1, ìyọkúrò 2, pínpín 3. Ẹni tó bá sì lo nọ́ńbà máràárùn-ún pẹ̀lú ọ̀nà ìṣirò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba 13. Gbogbo ọmọ ló ń sá fún pínpín, torí náà pínpín ló níye lórí jù. Ọmọ tí ekuasíọ̀n ń dà láàmú ń sá fún nǹkan méjì: àmì ìyọkúrò, àti pípadà lọ dán ìdáhùn wò. Ibẹ̀ ni a fi owó náà sí.

Ẹ̀wà, nígbà náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àgbàdo nìkan ni kí ẹ lò. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé páálí méjì àti ẹ̀wà mẹ́ta sí òsì, àgbàdo méje sí ọ̀tún. Èyí ni 2x − 3 = 7, ẹyọ márùn-ún ló sì wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Lórí kàyé, ọmọ tó ń tiraka á sábà kọ 2x = 7 − 3, á ní x = 2. Lórí tábìlì, ọ̀ràn yàtọ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀wà mẹ́ta náà lọ. Kò lè kó ẹ̀wà mẹ́ta kúrò ní ọ̀tún torí kò sí ẹ̀wà níbẹ̀. Ohun tó lè pa ẹ̀wà rẹ́ ni àgbàdo, nítorí náà yóò da àgbàdo mẹ́ta sí òsì, bó bá sì rántí, yóò da mẹ́ta sí ọ̀tún pẹ̀lú. Òsì ku páálí méjì, ọ̀tún di mẹ́wàá: 2x = 10, x = 5. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i pé −3 di +3 ní apá kejì, kò sì sí ohun kan tó sọdá. Nǹkan kan náà la fi kún apá méjèèjì.

Níbi 3x = 12 náà, tábìlì ń sọ ohun tí òfin “ó sọdá, ó yí àmì padà” kò sọ. Páálí mẹ́ta wà ní òsì, àgbàdo méjìlá ní ọ̀tún. Ẹ bi ọmọ náà pé kó fi 3 tó fẹ́ yọ kúrò hàn yín ní òsì. Yóò wá ẹyọ mẹ́ta tó lè kó, kò ní rí i. 3 tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kó lé páálí, iye páálí ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó pín àgbàdo náà fún páálí mẹ́ta. Ẹ má yára ṣàlàyé fún un, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wá a títí yóò fi sú u.

Eré yìí ní ibi tó ti ń bàjẹ́. Èkíní ni gbígbọn. Lẹ́yìn ìdíje méjì ọmọ á ti gbé páálí sí etí, á ka ohùn àgbàdo. Ẹ fi òwú díẹ̀ sínú páálí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ parí. Èkejì ni àbá: bí x bá sábà jẹ́ 2 tàbí 3, ọmọ á kàn máa gbìyànjú 1, 2, 3 lọ. Ẹ máa lo 6, 7, 8 pẹ̀lú, kí ẹ sì dúró lórí òfin pé ìdáhùn láìsí ìlà kò gba pọ́ìntì. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó de é lọ́nà òdì, tí òsì àti ọ̀tún kò dọ́gba. Èyí kì í ṣe òfò: bí ẹni tó ń tú u bá fi ìlà rẹ̀ hàn pé ohun tó wà nínú páálí kò lè bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, òun ló gba pọ́ìntì mẹ́ta. Láti ìgbà tí a ti fi òfin yìí kún un, àwọn tó ń dè é ni wọ́n ń ṣe ìṣirò jù. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó ń tiraka máa dè é gan-an. Láti dá ekuasíọ̀n sílẹ̀ láti inú ìdáhùn rẹ̀ ń kọ́ni ní ohun tí títú u nìkan kò kọ́ni.

Àgbàlagbà náà lè ba eré jẹ́. Bí bàbá bá jókòó tó ń sọ pé “kó méjì kúrò, kó méjì kúrò lápá ọ̀hún”, ó ti di DragonBox: òun ló ń rántí fún ọmọ. Kó gbé ọwọ́ lé ẹnu títí ọmọ yóò fi dán ìdáhùn wò.

Páálí kò gbọdọ̀ pẹ́ jù lórí tábìlì, kí ọmọ má bàa mọ eré láì mọ kàyé. Ohun tí a ń gbà níyànjú ni ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ ló ń ṣáájú, kàyé ń tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ yí i padà: ọmọ á kọ ìlà tuntun kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àgbàdo láti fi hàn pé ìlà náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ekuasíọ̀n wà lórí ìwé nìkan, páálí kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ tí yóò ṣí ní ìparí. Bí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n lè pe àgbàdo wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fún ọmọ ní ekuasíọ̀n kan lórí ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bíi 5x − 4 = 2x + 11, kí ẹ tọ́jú ìwé náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fún un ní irú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, láìsí páálí nítòsí. Ẹ má kọ́kọ́ wo ìdáhùn. Ẹ wo ìlà kejì: ṣé ohun kan náà ló ṣe sí apá méjèèjì? Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé: ṣé ó padà lọ dán ìdáhùn rẹ̀ wò láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un? Ọmọ tó ṣe méjèèjì yìí tó sì ka 15 ÷ 3 sí 6 ti kúrò nínú ìṣòro ekuasíọ̀n, tábìlì pínpín ló ku kó tún ṣe. Èyí tó kọ x = 5 láìsí ìlà kankan ṣì nílò ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí tábìlì.

Eré náà lè gba àkámọ́ pẹ̀lú: 2(x + 3) ni àwo méjì tí páálí kan àti àgbàdo mẹ́ta wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó bá da àwo méjèèjì jọ kò ní kọ 2x + 3 mọ́. Ó lè gba ìdáhùn tó jẹ́ òdì, torí ẹ̀wà lè wà nínú páálí dípò àgbàdo. Kò gba ìdáhùn tó jẹ́ ìdá, bíi 7/2, torí ẹnikẹ́ni kò ní gé ẹyọ àgbàdo sí méjì. Kò sì gba −x àti x², torí kò sí bí a ó ṣe gbé páálí tó kéré sí òfo, tàbí páálí ní ìlọ́po páálí, sórí tábìlì. Bí kíláàsì bá dé ibẹ̀, ẹ kó àgbàdo padà sínú àpò.